Ète ẹ̀kọ́ ní "yóò ní òye": irú ìbéèrè wo la fi ń wọn òye náà?

Olùkọ́ Asérò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Kíláàsì kejì ní girama kékeré ni mò ń kọ́ ní iṣẹ́ ọnà àti àṣà, àdìrẹ la sì ṣe ní táàmù yìí. Ète mẹ́rin ló wà nínú nóòtù mi bó ṣe wà nínú síkíìmù: akẹ́kọ̀ọ́ yóò (1) ní òye irúfẹ́ àdìrẹ, (2) mọ ohun èlò rẹ̀, (3) mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, (4) mọ rírì rẹ̀. Mo kọ ìbéèrè sílẹ̀, igbákejì ọ̀gá dá a padà, ó ní ìbéèrè kò bá ète mu, kí n lọ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣeé wọ̀n. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Tísà Lafẹ́ńwá

Èyí ò le rárá. Inú ìpele mẹ́fà Bloom ni kẹ́ ẹ ti mú ọ̀rọ̀. Ti ìrántí ni dárúkọ, sọ, tò. Ti òye ni ṣàlàyé, fi wé, pín sí ìsọ̀rí. Ti ìlò ni ṣírò, yà, fi hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí dé òkè. Ibi tí ète bá ti ní "mọ̀", ẹ pa á rẹ́, ẹ fi "dárúkọ" síbẹ̀. Ibi tó bá ti ní "ní òye", ẹ fi "ṣàlàyé" síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fi sínú ète náà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ète ní "ṣàlàyé", ìbéèrè ní "ṣàlàyé", igbákejì ọ̀gá á buwọ́ lù ú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí "dárúkọ" pọ̀ jù o. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣe ga tó ni ìbéèrè ṣe dára tó.

Màmá Ìbarà

Tísà, ẹ mú u dé ìdajì ọ̀nà. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn wúlò, ṣùgbọ́n téèyàn bá kàn fi "ṣàlàyé" rọ́pò "ní òye", aṣọ la pààrọ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò yí padà. Ohun tí mo máa ń bi ète kọ̀ọ̀kan ni pé: bí ọmọ yìí bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́, kí ni màá rí i tó ń ṣe tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní lè ṣe? Tí mi ò bá tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn, mi ò tíì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kankan lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ète kìíní. Ọmọ tó ní òye irúfẹ́ àdìrẹ, tẹ́ ẹ bá gbé aṣọ tí kò rí rí síwájú rẹ̀, á ní oníko ni èyí, alábẹ́rẹ́ ni tọ̀hún, ẹlẹ́kọ ni ìkẹta, á sì fi ohun kan lára aṣọ náà hàn yín tó fi dá a mọ̀. Ẹni tó kàn há nóòtù sórí á dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmí, ṣùgbọ́n tó bá fojú kan aṣọ, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà "dá mọ̀" àti "tọ́ka sí" ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa, kì í ṣe "ṣàlàyé". Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Bí a bá gbé aṣọ àdìrẹ mẹ́ta tí kò sí nínú ìwé kíláàsì síwájú akẹ́kọ̀ọ́, yóò sọ irúfẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, yóò sì tọ́ka sí àmì kan tó fi dá a mọ̀, ó kéré tán fún méjì nínú mẹ́ta."

Ohun tí ọmọ máa ṣe wà níbẹ̀, ohun tá a máa gbé fún un wà níbẹ̀, ibi tó máa dé ká tó gbà pé ó mọ̀ ọ́n náà wà níbẹ̀. Ohun tá a máa gbé fún un yẹn la sábà máa ń gbàgbé, òun ló sì ń ba ìbéèrè jẹ́ jù. Tó bá jẹ́ aṣọ tó wà nínú ìwé wọn gan-an lẹ lò, ọmọ ò dá nǹkan kan mọ̀, ó rántí ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣì jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ń wọ̀n ti di nǹkan mìíràn.

Ìbéèrè wá di: "Wo aṣọ A, B àti D lára bọ́ọ̀dù. (i) Kọ irúfẹ́ àdìrẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. (ii) Kọ àmì kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀." Máàkì kan fún orúkọ, ọ̀kan fún àmì, ó di mẹ́fà. Ẹ má yọ apá kejì kúrò. Irúfẹ́ mẹ́ta péré ló wà, ẹni tó bá dijú mú ọ̀kan á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, àmì ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tó méfò.

Ẹ kọ ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbà sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ti oníko, òrùka tí etí rẹ̀ rọra wọnú aró, tí kò gé gérégé. Ti alábẹ́rẹ́, ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké tó tò tẹ̀léra lórí ìlà. Ti ẹlẹ́kọ, àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà, tó sì hàn kedere lójú kan ju ojú kejì lọ, torí ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ sí.

Olùkọ́ Asérò

Ẹ ṣé gan-an mà. Nǹkan méjì ló kù tó ń dà mí láàmú. Fọ́tókọ́pì ilé-ìwé wa máa ń sọ àwòrán di dúdú pátápátá. Èkejì, mi ò láṣẹ láti yí ète tó wà nínú síkíìmù padà.

Màmá Ìbarà

Ẹ má fọwọ́ kan ti síkíìmù. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wá kọ tiyín sábẹ́ rẹ̀, ẹ pe é ní 1a, 1b. Ẹni tó bá ń yẹ nóòtù wò á rí ti ìjọba, á sì rí ohun tẹ́ ẹ yọ nínú rẹ̀.

Ní ti àwòrán, aṣọ gidi dára ju àwòrán lọ. Ègé tó tóbi tó ìwé ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbé e kiri láti ìjókòó dé ìjókòó, torí ojú abẹ́rẹ́ ò ní hàn sí ẹni tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Tí aṣọ ò bá sí, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ṣe àpèjúwe aṣọ náà nínú ìbéèrè, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìwé kíkà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọmọ tó mọ aṣọ tí kò mọ̀wé kà dáadáa á fìdí rẹmi nítorí ohun tí kò sí nínú ète.

Aláṣọ Ìtòkú

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe tísà, aró ni mò ń rẹ. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ni olùkọ́ ń wá, ẹ gbọ́. Aṣọ òwú funfun ni. Ẹ kọ́kọ́ fọ sítáàṣì inú rẹ̀ kúrò, torí aṣọ tó bá ní sítáàṣì kì í mu aró dáadáa. Ẹ dì í kó le, ẹ rì í sínú omi lásán kó rin. Ẹ wá po aró pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti haidiró. Kọ́sítíìkì la máa ń dà sínú omi o, a kì í da omi lé e lórí, á ta síni lára, ìbọ̀wọ́ la sì fi ń ṣe é. Ẹ rẹ aṣọ, ẹ máa yí i, ẹ gbé e jáde sí atẹ́gùn. Ẹ má bẹ̀rù tẹ́ ẹ bá rí i pé àwọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ bó ṣe ń jáde, atẹ́gùn ló ń mú àwọ̀ wá. Ẹ ṣan án, ẹ tú okùn, ẹ sá a.

Ohun kan tún wà. Kì í ṣe irúfẹ́ mẹ́ta péré làwọn ọmọ yín ń rí tí wọ́n bá kọjá lọ́jà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbí. Èyí tá a fi abẹ́là ṣe, tá a fi fóòmù tẹ bátànì rẹ̀, pọ̀ lọ́jà. Tẹ́ ẹ bá gbé ìyẹn sára bọ́ọ̀dù, ẹlẹ́kọ ni wọ́n máa pè é.

Màmá Ìbarà

Ìyá aláró, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè ni olùkọ́ ń wá, kì í ṣe aró, ṣùgbọ́n ẹ ṣe wá lóore, torí ẹ ti sọ ohun tí mo fẹ́ lò fún ète kẹta. Ọ̀rọ̀ abẹ́là yẹn náà ṣe pàtàkì. Olùkọ́, ẹ kọ́ wọn ní ti abẹ́là kó di irúfẹ́ kẹrin, tàbí kẹ́ ẹ rí i dájú pé kò sí aṣọ oníabẹ́là nínú èyí tẹ́ ẹ máa gbé kalẹ̀. Ìyá, kí lẹ̀yin fi ń dá a mọ̀?

Aláṣọ Ìtòkú

Abẹ́là máa ń sán tá a bá ń yí aṣọ nínú aró. Aró á gba ibẹ̀ wọlé, á wá fa ìlà tín-ín-rín wúruwùru sínú ibi funfun.

Bàbá Ìjàyè

Ìṣirò ni tèmi, kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ète mi ṣeé wọ̀n láti ilẹ̀: "yóò ṣírò odidi iye nígbà tí a bá fún un ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀." Ìbéèrè mi nìyí: "15% iye owó kan jẹ́ ₦60. Èló ni gbogbo owó náà? A. ₦200 B. ₦300 D. ₦400 E. ₦900." Ọ̀rọ̀-ìṣe bára mu, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Síbẹ̀ àwọn ọmọ tó gbà á pọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá kọ irú rẹ̀ sára bọ́ọ̀dù láìsí A, B, D, wọ́n á máa wò mí.

Màmá Ìbarà

Ẹ wo ohun tí ọmọ lè ṣe sí ìbéèrè yẹn. Á mú ₦200, á wá 15% rẹ̀, ó jẹ́ ₦30, kì í ṣe òun. Á mú ₦300, ó jẹ́ ₦45. Á mú ₦400, ó jẹ́ ₦60, á fi àmì sí D. Ohun tó ṣe ni pé ó wá ìdá ọgọ́rùn-ún iye tẹ́ ẹ ti fún un. Ẹ̀kọ́ ìṣáájú nìyẹn, kì í ṣe ti ète yìí. Kò ṣírò odidi rárá. Ìdáhùn tẹ́ ẹ tò síbẹ̀ ló ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn fún un.

Ẹ yọ A, B, D kúrò, kẹ́ ẹ fi àlàfo sílẹ̀ kó kọ iye rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé aláṣàyàn ni ilé-ìwé fẹ́ dandan, ẹ béèrè ìgbésẹ̀ dípò iye: "Èwo nínú ìwọ̀nyí ni yóò fún wa ní gbogbo owó náà?" kẹ́ ẹ wá to 60 × 15 ÷ 100, 60 × 100 ÷ 15, 15 × 100 ÷ 60 àti 60 + 15. Ìyẹn kò rọrùn láti dán wò láti ẹ̀yìn bíi ti iye tẹ́ ẹ tò sílẹ̀. Síbẹ̀ "yan ìgbésẹ̀" ni ìyẹn ń wọ̀n, kì í ṣe "ṣírò", kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síwájú ìbéèrè náà.

Tísà Lafẹ́ńwá

Mo gba ti ìṣirò. Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú "Ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ oníko" fún ète kẹta? Ọ̀rọ̀ òye ni "ṣàlàyé", ó sì ga ju "dárúkọ" lọ.

Màmá Ìbarà

Ẹ lọ wo nóòtù tí olùkọ́ fún wọn. Tó bá ti kọ "bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ oníko" sára bọ́ọ̀dù ní ìlà mẹ́jọ, ọmọ tó bá da ìlà mẹ́jọ náà kọ máa gba gbogbo máàkì. Ìrántí nìyẹn, kódà kẹ́ ẹ kọ "ṣe ìtúpalẹ̀ ìjìnlẹ̀" síbẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ni pé mo máa ń fi ìdáhùn tí mo ń retí síwájú, kí n wá a nínú nóòtù kíláàsì. Tí mo bá rí i níbẹ̀ ní odidi, ìbéèrè ìrántí ni, ọ̀rọ̀ yòówù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kò sì sóhun tó burú nínú ìrántí tó bá jẹ́ òun ni ète. Ìbéèrè tó ga ju ète lọ náà kò bá ète mu. Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti dárúkọ ohun èlò, tí wọ́n wá ní kó fi ìko wé òwú nínú ìdánwò, ohun tí wọn ò kọ́ ọ ni wọ́n bi í.

Ète kẹta wá. "Mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é" kì í ṣe ète kan, mẹ́ta ló fara pamọ́ síbẹ̀. Mímọ bí iṣẹ́ ṣe tò wà níbẹ̀, mímọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, fífi ọwọ́ ẹni ṣe é náà wà níbẹ̀. Ọmọ lè mọ ọ̀kan kó má mọ èkejì, nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo kò lè gbé wọn.

3a, "yóò to ìgbésẹ̀ márùn-ún ní ẹsẹẹsẹ." Ẹ da ohun tí Ìyá aláró sọ rú: tú okùn, fọ sítáàṣì kúrò, gbé e sí atẹ́gùn, dì í, rẹ ẹ́ sínú aró. Kí ọmọ tò ó. Ìṣòro ibẹ̀ ni máàkì. Ká ní ọmọ kan fi fífọ sítáàṣì sẹ́yìn pátápátá, tó sì to mẹ́rin yòókù dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ń fún un ní máàkì ní ipò-ipò, òdo ló máa gbà, torí ohun gbogbo ti sún síwájú ní ipò kan. Èmi máa ń ka ìsopọ̀: ìgbésẹ̀ márùn-ún ní ìsopọ̀ mẹ́rin láàárín wọn, máàkì kan fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan tó tọ́. Ọmọ yẹn á gba mẹ́ta nínú mẹ́rin.

3b, "yóò sọ ìdí tí iṣẹ́ fi bàjẹ́ àti àtúnṣe rẹ̀." Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tó bàjẹ́ tí kò sí nínú nóòtù: "Nígbà tí Bọ́lá tú okùn aṣọ rẹ̀, aró ti wọ gbogbo ibi tó yẹ kó wà ní funfun. (i) Kí ló ṣeé ṣe kó fà á? (ii) Kí ni kó ṣe lọ́tọ̀ nígbà mìíràn?" Máàkì méjì. Ẹ wá kọ èkejì: aṣọ tí Túndé rẹ mu aró níbì kan, ó funfun fàù níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ kò dì í níbẹ̀. Nínú èyí, ìdáhùn méjì ló tọ́, pé wọn ò fọ sítáàṣì kúrò tán tàbí pé wọn ò yí aṣọ náà nínú aró. Kí méjèèjì wà nínú ìwé máàkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn tó bá ń bá yín máàkì á fagi lé ọ̀kan.

3d, fífi ọwọ́ ṣe é. Bébà ò lè wọn èyí. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ègé aṣọ àti okùn, kó di òrùka mẹ́ta sára rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun mẹ́rin lẹ máa wò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá: kò sí àlàfo láàárín okùn bó ṣe yí ká, kò tú tẹ́ ẹ bá fọwọ́ fà á, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà síra wọn bákan náà, ó parí lásìkò. Aró kò sí níbẹ̀, torí kò yẹ kí ọmọ ọdún méjìlá fọwọ́ kan kọ́sítíìkì. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ hàn nínú ète: "yóò di aṣọ", kì í ṣe "yóò ṣe àdìrẹ".

Bàbá Ìjàyè

Màmá, mo ní àríyànjiyàn lórí máàkì ìsopọ̀ yẹn. Ẹni tó fi fífọ sítáàṣì sẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ẹ wá fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́rin?

Aláṣọ Ìtòkú

Tó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi ni, kò ní gba nǹkan kan.

Màmá Ìbarà

Ẹ ò purọ́. Àmọ́ 3a ń béèrè bóyá ó mọ bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀léra, 3b ló ń béèrè bóyá ó mọ ohun tó ń ba aṣọ jẹ́. Tí mo bá fìyà ìkejì jẹ ẹ́ nínú ìkíní, màá ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Ìjàyè

Ojú tèmi ni pé kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mi ò tíì gbà.

Akọ̀wé Kútọ̀

Mo fẹ́ fi ìgbésẹ̀ kékeré kan kún un tó máa gba olùkọ́ lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá kọ ìbéèrè tán, ẹ kọ nọ́ńbà ète síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dà tiyín. Ẹ wá fún olùkọ́ mìíràn ní ète mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú ìbéèrè tí kò ní nọ́ńbà, kó fúnra rẹ̀ sọ ète tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ibi tí tirẹ̀ àti tiyín bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ìbéèrè tó bá ní ète méjì ló bá a mu sábà máa ń ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì nínú. "Dárúkọ ohun èlò mẹ́ta kí o sì ṣàlàyé bí a ṣe ń lò wọ́n", máàkì mẹ́fà: ọmọ tó gba mẹ́ta, ẹ ò mọ̀ bóyá orúkọ ni kò mọ̀ tàbí ìlò. Ẹ pín in sí (i) àti (ii), kí máàkì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti iye máàkì, pẹ́ríọ́dù lẹ máa tẹ̀ lé. Olùkọ́, mélòó lẹ fi kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Olùkọ́ Asérò

Ọ̀kan fún irúfẹ́, ọ̀kan fún ohun èlò, méjì fún bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọ̀kan fún rírì. Márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Máàkì 30 ni wọ́n ní kí n ṣe.

Akọ̀wé Kútọ̀

Pẹ́ríọ́dù kan jẹ́ máàkì mẹ́fà nìyẹn. Mẹ́fà fún irúfẹ́, mẹ́fà fún ohun èlò, méjìlá fún ṣíṣe, mẹ́fà fún rírì. Méjìlá ti ṣíṣe ti pé sínú ohun tí Màmá kọ: mẹ́rin fún 3a, mẹ́rin fún 3b, mẹ́rin fún 3d.

Fún ohun èlò, ẹ ṣe ìsopọ̀: ohun èlò mẹ́fà lápá òsì, iṣẹ́ mẹ́jọ lápá ọ̀tún. Ẹ má ṣe é ní mẹ́fà sí mẹ́fà. Ẹni tó bá mọ márùn-ún máa rí ìkẹfà gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Tísà Lafẹ́ńwá

Ẹ ti gbàgbé ète kẹrin. "Mọ rírì." Èmi máa kọ "Kọ pàtàkì mẹ́ta tí àdìrẹ ní fún ìlú Abẹ́òkúta." Ó ṣeé wọ̀n, ó rọrùn láti máàkì.

Màmá Ìbarà

Ó ṣeé wọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ lẹ wọ̀n, kì í ṣe rírì. Ọmọ tí kò bìkítà fún àdìrẹ lè kọ pé ó ń pèsè iṣẹ́, pé ó ń mú àwọn àlejò wá sí Ìtòkú, pé ó ń gbé àṣà ga, kó sì gba gbogbo rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì béèrè pé "Ṣé o fẹ́ràn àdìrẹ?", gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n mọ ohun tí tísà fẹ́ gbọ́. Èmi á kọ ọ́ sábẹ́ síkíìmù pé 4a, "yóò sọ àǹfààní mẹ́ta, yóò fi àpẹẹrẹ kan láti agbègbè rẹ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn", máàkì mẹ́fà, láìdíbọ́n pé rírì nìyẹn.

Akọ̀wé Kútọ̀

Èmi ò ní fi rírì sínú bébà rárá. Ẹ wò ó nínú iṣẹ́ kíláàsì: ta ló mú aṣọ wá láti ilé láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú un, ta ló tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìwà, kẹ́ ẹ sì pín máàkì mẹ́fà náà sórí àwọn tó kù.

Tísà Lafẹ́ńwá

Igbákejì ọ̀gá tó ní kí gbogbo ète ní ìbéèrè kò ní gba ìyẹn. Ọmọ tí kò sì ní àdìrẹ nílé ńkọ́? Ẹ ti yọ máàkì rẹ̀ nítorí òṣì.

Olùkọ́ Asérò

Mo ti kọ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó.

1a. Wo aṣọ A, B àti D. (i) Kọ irúfẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. [3] (ii) Kọ àmì kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí o fi dá a mọ̀. [3]

2a. So ohun èlò kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun èlò: ìko, abẹ́rẹ́, ẹ̀kọ láfún, ìyẹ́ adìyẹ, ìkòkò aró, ìbọ̀wọ́. Iṣẹ́ mẹ́jọ wà lápá ọ̀tún. [6]

3b. Adé fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ, ó rẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwòrán náà parẹ́ nínú aró. (i) Kí ló fà á? [1] (ii) Kí ni kó ṣe lọ́tọ̀? [1]

4a. Sọ àǹfààní mẹ́ta tí àdìrẹ ń ṣe fún àwọn ará Abẹ́òkúta [3], kí o fi àpẹẹrẹ kan láti agbègbè rẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. [3]

Màmá Ìbarà

3b yẹn dára, ẹ̀kọ tí kò tíì gbẹ ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàyẹ̀wò nóòtù yín: ṣé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ kí o tó rẹ aṣọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣí"? Tó bá wà níbẹ̀, ó ti di ìrántí, ẹ wá òmíràn. Tó bá jẹ́ "jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ" nìkan lẹ kọ láìsọ ìdí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní 2a, ìko àti abẹ́rẹ́, ẹ ṣọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ fún wọn. Tó bá jẹ́ "a fi ń dènà aró", méjèèjì ló ń bá a lọ, ẹ̀kọ láfún náà ń bá a lọ. Ẹ kọ "a fi ń so aṣọ ní ìdì" fún ìko, "a fi ń rán bátànì sára aṣọ" fún abẹ́rẹ́.

Aláṣọ Ìtòkú

Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fi páànù tí wọ́n gé bátànì sí lára ṣe é, kẹ́ ẹ má lọ fagi lé ọmọ tó bá béèrè.

Olùkọ́ Asérò

"Jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ" nìkan ló wà nínú nóòtù mi, mà. Mo ti tún 2a ṣe. Èyí tó kù ni 4a. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀, nítorí náà màá gbé ti Màmá àti ti Akọ̀wé fún igbákejì ọ̀gá pọ̀, kí wọ́n fúnra wọn mú ọ̀kan.

Tísà Lafẹ́ńwá

Tèmi náà ńkọ́?